Ohun Tí Ọwọ́ Ṣe Gan-an: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìjábọ̀ SIWES

Nígbà tí àkókò SIWES bá parí, àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó yí géètì yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe wa ká kì í tètè tilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí iṣẹ́ dé ló kún ibẹ̀, wọ́n ń tẹ ìjábọ̀ wọn, wọ́n ń dì í, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn tún nọ́ńbà ojú ewé tò. Ẹ ṣí ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn, ẹ ó rí i pé orí kìíní gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìtàn bí wọ́n ṣe dá SIWES sílẹ̀ ni, gbólóhùn kan náà, àmì ìdánudúró kan náà. Orí kejì á sọ ìtàn ilé-iṣẹ́, wọ́n dà á kọ láti inú ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Tí ẹ bá wá dé orí kẹta, níbi tó yẹ kí ọmọ ti sọ iṣẹ́ tó ṣe, ẹ ó bá àwòrán sukurudíráfà níbẹ̀, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé irinṣẹ́ tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì ni.

Orí kẹta yìí ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Òun ni olùkọ́ tó máa fún ọmọ ní máàkì ń kọ́kọ́ ṣí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ bí wọn yóò ti kọ, kì í ṣe pé wọn kò ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọmọ tó lè fi ẹnu ròyìn iṣẹ́ kan títí tí ara ẹni á fi yá gágá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ gbólóhùn méjì péré ló kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ gidi ló sọnù bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ tuntun sí: àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní ITF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, ló bẹ̀rẹ̀ SIWES lọ́dún 1973. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà àti sáyẹ́ǹsì ń gboyè jáde láìtíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò. Ní yunifásítì, oṣù mẹ́fà gbáko ni àwọn ọmọ ẹnjiníà sábà máa ń lò nídìí iṣẹ́; ní gbogboníṣe, oṣù mẹ́rin ni. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ á máa mójú tó wọn, olùkọ́ kan á sì máa ti ilé-ẹ̀kọ́ wá wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá padà, wọn yóò fi ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní lọ́ọ̀gìbúùkù, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti buwọ́ lù, àti ìjábọ̀ tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì dì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Gbogbo ìtàn ìdásílẹ̀ tí mo sọ yìí kò gba ju ìpínrọ̀ kan lọ nínú ìjábọ̀. Kí ọmọ kọ ìpínrọ̀ yẹn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó sì kọjá lọ.

Inú lọ́ọ̀gìbúùkù ni ìjábọ̀ ti ń wá. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀, ó ṣòro kí a rí i bù sínú ìjábọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí pé nọ́ńbà ni ọpọlọ kọ́kọ́ ń gbàgbé. A lè rántí pé a lọ sílé oníbàárà kan, pé ajá wọn gbó mọ́ wa, pé wọ́n fún wa ní omi tútù. A ò ní rántí iye fọ́ọ̀tì tí mítà kà.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo kí a rìn ín já, nítorí pé bí ọmọ bá mọ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ kan dáadáa, ó mọ bó ṣe máa kọ gbogbo ìyókù. Ká ní ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà iná ṣe SIWES rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi ìnífátà àti sólà sílé fún ènìyàn n'Ìbàdàn. Oníbàárà kan pè pé ìnífátà òun kì í pẹ́ mọ́: tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lálẹ́, kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ tó fi máa ń kú. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ yìí lọ síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa kọ sí lọ́ọ̀gìbúùkù lọ́jọ́ náà nìyí:

"A lọ sílé oníbàárà láti tún ìnífátà ṣe. A yẹ bátìrì wò. A pààrọ̀ bátìrì. Mo kọ́ bí a ṣe ń tún ìnífátà ṣe."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ẹni tó kà á kò mọ irú bátìrì tó jẹ́, kò mọ ohun tó ṣe é, kò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ ṣe. Ẹni tí kò tẹ̀ lé wọn lọ rárá lè kọ ọ́. Èyí ni mo fi máa ń yẹ àkọsílẹ̀ wò: ṣé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kọ èyí? Bó bá lè kọ ọ́, ohun kan ṣì kù.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan náà ṣe lè rí bí ọmọ náà bá fi pẹ́ńsù àti ìwé kékeré sápò lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè jọ tẹ̀ lé e.

"Bátìrì olómi méjì ni, fọ́ọ̀tì 12, áńpíà-wákàtí 200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, a so wọ́n ní síríìsì sí ìnífátà fọ́ọ̀tì 24. Wọ́n ti lò wọ́n fún bí ọdún mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tí iná NẸ́PÀ wà: fọ́ọ̀tì 13.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n dára. Ọ̀gá ní kí n pa ṣájà, kí n dúró. Lẹ́yìn wákàtí méjì láìsí ṣájà, láìsí ẹrù: bátìrì àkọ́kọ́ 12.6, ìkejì 12.4. A tan fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣàn kan àti gílóòbù mẹ́sàn-án, nǹkan bíi wáàtì 400 lápapọ̀. Kíá ni ìkejì wálẹ̀ sí 11.3, àkọ́kọ́ dúró ní 12.4. Ní bíi wákàtí kan ààbọ̀, ìkejì ti di 9.0, àkọ́kọ́ ṣì wà ní 12.1, ìnífátà sì pa ara rẹ̀."

Gbogbo ohun tí orí kẹta máa nílò nípa iṣẹ́ yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀ kékeré yẹn. Tí ọmọ bá wá jókòó láti kọ ìjábọ̀, iṣẹ́ tó kù fún un ni kó tò ó bí ẹni tó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Kó kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ tí oníbàárà mú wá. Kó sọ ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ náà ṣe bí ara rẹ̀ bá dá. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí wọ́n wọ̀n, ohun tí ìwọ̀n náà fi hàn, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe dáadáa.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣe yìí ni àwọn ọmọ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ti ń pàdé iṣẹ́ ọwọ́. Ìṣirò náà kò le. Fọ́ọ̀tì 24 lọ́nà áńpíà-wákàtí 200 jẹ́ wáàtì-wákàtí 4,800. Irú bátìrì yìí kò yẹ kí a máa lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí a tó tún un ṣájì, bí a bá fẹ́ kó pẹ́ láyé, nítorí náà 2,400 ló kù tí a lè ná. Ìnífátà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá ka ohun tó ń jáde sí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku nǹkan bíi 2,040. Ẹ pín in pẹ̀lú ẹrù wáàtì 400, ó jẹ́ wákàtí márùn-ún. Wákàtí márùn-ún ló yẹ kí oníbàárà máa rí. Ọ̀kan ààbọ̀ ló ń rí. Nígbà tí ọmọ bá kọ èyí, òǹkàwé ti mọ bí àìsàn náà ṣe tóbi tó, àwọn ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e sì ti ní ìtumọ̀.

Ó wá kan ìdí. Bátìrì olómi fọ́ọ̀tì 12 ní ilé mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀. Gíláàsì kan wà tí àwọn ríwáyà fi ń fa omi bátìrì jáde wò, ọmọ ẹnjiníà á pè é ní haidirómítà. Ó ń sọ bí ásíìdì inú omi náà ṣe ki tó. Nínú bátìrì kejì yìí, ilé márùn-ún kà 1.250, ẹyọ kan sì kà 1.150. Bí ilé kan bá fi ju 0.050 lọ rẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣájì wọn pọ̀, ilé náà ti ní ìṣòro. Ilé kan ṣoṣo ló kọṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé síríìsì ni, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, kò sì sí bí àwọn tó lágbára ṣe lè bá aláìlágbára ru tirẹ̀. Ìnífátà ń wo àpapọ̀ fọ́ọ̀tì nìkan. Nígbà tí àpapọ̀ náà bọ́ sí 21.1, ó pa ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì àkọ́kọ́ ṣì ní agbára púpọ̀ nínú.

Bí ọmọ bá kọ ìpínrọ̀ bí èyí, kó ya àwòrán kékeré kan sí i: bátìrì méjì, ìnífátà, ṣájà àti ẹrù, ìlà tó so wọ́n, àti ibi tí ó fi ẹsẹ̀ mítà sí. Àwòrán tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ yà níye lórí ju fọ́tò ìnífátà tuntun tó wà nínú páálí lọ. Fọ́tò dára bó bá fi ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ hàn, bíi ojú mítà tó ń ka 9.0 lórí bátìrì kejì. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó sọ ohun tí a ń wò, kí ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ sì dárúkọ nọ́ńbà àwòrán náà. Àwọn ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn nígbà ṣájà, nígbà ìsinmi, nígbà tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún, àti nígbà tó kú, kí ó tò wọ́n sínú tábìlì kékeré fún bátìrì méjèèjì. Ojú lásán á ti rí i pé ìkejì ló ń ṣubú.

Ó kan ìpinnu. Oníbàárà fẹ́ ra bátìrì kan ṣoṣo, nítorí owó. Ọ̀gá ní kó ra méjèèjì. Kí ọmọ má ṣe kọ "a pààrọ̀ bátìrì méjèèjì" kó sì kọjá. Kó kọ ìdí: bátìrì ọlọ́dún mẹ́rin kò gba ṣájì bí tuntun ṣe ń gbà á mọ́, ó sì ti ń tètè rẹlẹ̀ bí ẹrù bá gùn ún. Bí a bá so ó mọ́ tuntun, àgbà yóò máa kọ́kọ́ tán, ìnífátà á sì tún máa kú kó tó yẹ. Ṣájà tó ń wo àpapọ̀ fọ́ọ̀tì pẹ̀lú yóò máa fún ọ̀kan ní àjẹjù, ebi á sì máa pa èkejì. Owó tí oníbàárà rò pé òun dá dúró, láàárín ìgbà díẹ̀ ni yóò tún lọ. Bóyá oníbàárà gbà tàbí kò gbà, kí ìjábọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ààbò. Mo ti rí ìjábọ̀ tó ní ojú ewé mẹ́ta lórí "ìlànà ààbò níbi iṣẹ́", fìlà irin, bàtà onírin, aṣọ tó ń tàn, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́ni tó dé fìlà irin rí. Ohun tí ọmọ yìí ṣe lọ́jọ́ náà ni kó kọ: ó bọ́ òrùka àti wáàṣì rẹ̀ nítorí pé irin tó bá so orí bátìrì méjèèjì pọ̀ lè gbóná débi tí á fi jó ẹran ara, ó wé téèpù mọ́ ìdí sípánà, ó pa ìnífátà kó tó tú ohunkóhun, wáyà nẹ́gẹ́tífù ló kọ́kọ́ tú, òun náà ló sì so kẹ́yìn. Bí ásíìdì bá ta sí i lọ́wọ́ tó sì fi omi púpọ̀ ṣan án, kó kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ kan nínú ìjábọ̀ ni ẹ̀rí pé àtúnṣe náà mú. Wọ́n so bátìrì tuntun, wọ́n gbé ẹrù wáàtì 400 kan náà lé e, wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Méjèèjì ń wálẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ wọn kò tó fọ́ọ̀tì 0.1. Lẹ́yìn náà oníbàárà pè pé ó tó wákàtí márùn-ún lálẹ́. Kí ọmọ fi ìyàtọ̀ sí ohun méjèèjì yìí: wákàtí méjì àkọ́kọ́ òun ló fi mítà wò ó, wákàtí márùn-ún oníbàárà ló sọ ọ́. Ìwé tó ya ohun tí a fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́, olùkọ́ máa ń gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tó ń fa wàhálà: "mo" àti "a". Bí ìwé bá kún fún "a ṣe, a tú, a so", kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ ṣe. Bó bá sì kún fún "mo", ó dà bíi pé ọmọ oṣù méjì ló ń pàṣẹ fún ọ̀gá. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ ló wọn fọ́ọ̀tì, òun ló kọ nọ́ńbà sílẹ̀, òun ló ṣe ìṣirò wákàtí márùn-ún. Ọ̀gá ló fa omi bátìrì wò, ọ̀gá ló ṣe ìpinnu. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé bátìrì nítorí pé ó wúwo. Kí ìwé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan máa ń fẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ láìlo "mo" rárá. Kí ó tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀ka rẹ̀, ṣùgbọ́n kó wá ọ̀nà sọ ẹni tó ṣe kí ni.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wá ńkọ́? Ibí ni ìjábọ̀ púpọ̀ ti máa ń di ìwàásù. "Mo kọ́ ìfaradà. Mo kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé pọ̀. Mo kọ́ pé iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́." Ọmọ tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ lè kọ èyí, ọmọ tó ṣiṣẹ́ lóko ẹja náà lè kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tó ní láárí máa ń ní ìdí lára iṣẹ́ kan pàtó, ó sì máa ń sọ ohun tí ọmọ rò tẹ́lẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti ohun tí yóò ṣe yàtọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ padà wo àkọsílẹ̀ ọmọ wa. Ó wọn bátìrì nígbà tí ṣájà wà lórí rẹ̀, ó rí 13.5, ó sì rò pé ara wọn dá. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò yọ ibẹ̀ kúrò nínú ìjábọ̀ nítorí ìtìjú. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tó lọ́ràá jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

"Kí n tó lọ sídìí iṣẹ́, mo rò pé fọ́ọ̀tì tí mítà bá kà lórí bátìrì ni agbára tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n mi àkọ́kọ́ jẹ́ fọ́ọ̀tì ṣájà, kì í ṣe ti bátìrì. Lẹ́yìn ìsinmi pàápàá, ìyàtọ̀ bátìrì méjèèjì kò ju 0.2 lọ, mi ò bá sì ti kọjá lọ. Ìgbà tí ẹrù gùn wọ́n ni ìkejì tó fi ara rẹ̀ hàn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wọn bátìrì lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ìsinmi àti lábẹ́ ẹrù, mo sì máa ń kọ ipò tó wà síwájú nọ́ńbà."

Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kà á mọ̀ pé ọmọ yìí ti kúrò níbi tó wà. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn sọ ohun tó ń ṣe báyìí. Bí ọmọ kò bá lè tọ́ka sí ìṣe kan tó yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó gbọ́ ló ń pè ní ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó rí báyìí ti tó fún oṣù mẹ́fà. Kò pọn dandan kí gbogbo ọ̀sẹ̀ ní tirẹ̀.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ilé-iṣẹ́ kò fún ní iṣẹ́ gidi. Wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ń ká mi lára. Ilé-iṣẹ́ kan gbà wọ́n nítorí kí àpọ́n àbúrò ọ̀gá má bàa bínú, ó wá ń rán wọn ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn ni ìdẹwò ń mú láti wá ìjábọ̀ ọmọ ọdún tó kọjá, kí wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà. Kò yẹ kí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti ṣe é. Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra wáyà lọ́jà ti wà nídìí ìmọ̀ kan: kí ló dé tí ọ̀gá fi ní wáyà mílímítà 16 ni kó rà, tí kì í ṣe 4? Iná 20 áńpíà ló ń kọjá láàárín bátìrì àti ìnífátà fún ẹrù wáàtì 400, ó sì lè fi ìlọ́po lé sí i bí wọ́n bá tan áyọ̀ọ́nù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná, fọ́ọ̀tì á sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, tó sì kọ ìdáhùn náà, iṣẹ́ ni. Bí oṣù kan bá sì wà tí kò sí nǹkan tó ṣe nítòótọ́, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó tètè sọ fún olùkọ́ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò, kó má dúró di ọjọ́ ìdáhùn ìbéèrè.

Irọ́ kì í ṣòro mọ̀ fún ẹni tó ti ka ìjábọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́ọ̀gìbúùkù tí wọ́n fi bírò kan ṣoṣo kọ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní láìsí àbàwọ́n girísì kan, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésìmesì, ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Nínú ìjábọ̀, ẹ ó rí ẹ̀rọ tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lò, tàbí àwòrán tí àmì ilé-iṣẹ́ mìíràn wà lára rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì ní iyèméjì, ìbéèrè kan ló máa bi ọmọ: "Bátìrì náà, ọ̀nà wo lẹ gbà gbé e jáde nínú ilé?" Ẹni tó wà níbẹ̀ á dáhùn kó tó ronú.

Orí tó ń sọ ìṣòro àti àbá kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má bá mi kọ pé kí ìjọba fún SIWES lówó sí i àfi bí ẹ bá ní ohun kan tí ẹ fojú rí tó fi í hàn. Àbá tí ilé-iṣẹ́ lè mú lò lọ́la dára jù. Ọmọ wa lè dábàá pé kí ṣọ́ọ̀bù náà ní ìwé kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa kọ fọ́ọ̀tì ìsinmi àti ti abẹ́ ẹrù bátìrì rẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ, kí wọ́n lè rí èyí tó ń rẹ̀ kó tó kú. Àbá bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé ọmọ ronú nípa iṣẹ́ náà.

Ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìdúpẹ́ ni ó máa kọ kẹ́yìn. Àkótán ìjábọ̀, tó máa wà níwájú, òun náà kẹ́yìn ni, nítorí pé a kì í ṣe àkótán ohun tí a kò tíì kọ. Ìwọ̀n lẹ́tà, àlàfo ìlà àti iye ojú ewé yàtọ̀ láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Kí ó gba ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló ń bi.

Kí ó tó kó o lọ fún ẹni tó máa bá a dì í, kó mú orí kejì àti ìkẹta padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá kà á. Ọ̀gá á rí i bí nọ́ńbà kan bá ṣì. Ó sì lè sọ pé kí ó yọ orúkọ oníbàárà àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ kúrò, tàbí kó má fi iye tí wọ́n ń ra ọjà sí i. Ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ ni. "Oníbàárà kan ní àdúgbò kan" ti tó fún olùkọ́. Lọ́jọ́ náà ni kó rí i dájú pé ọ̀gá ti buwọ́ lu gbogbo ọ̀sẹ̀ tó wà nínú lọ́ọ̀gìbúùkù, pé fọ́ọ̀mù ITF tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 8, ti ní ọwọ́ ìkọ̀wé àti òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti rin ìrìn àjò padà sí ìlú mìíràn nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo.